Ìwé Ìdíyelé Tó Sùn Sínú Àpótí Spam

Ẹni tó bá ń gba òpópónà Mobọ́lájí Bank Anthony láti Maryland lọ sí Ìkẹjà, tó sì fara balẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ sára pátákó àwọn ilé-iṣẹ́ àti sára ọkọ̀ akẹ́rù wọn, yóò rí i pé àdírẹ́sì ímeèlì tó ń jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ti wà lára wọn. Nígbà kan, Gmail tàbí Yahoo ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Inú mi dùn sí ìyípadà yìí. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tuntun kan ti bá a wọlé, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu oníṣòwò tó ju ẹyọ kan lọ: láti ìgbà tí wọ́n ti fi àdírẹ́sì ọ̀fẹ́ sílẹ̀, àwọn oníbàárà kì í rí lẹ́tà wọn mọ́. Inú àpótí Spam ni lẹ́tà náà ń já sí, ta ni ó sì ń rántí láti wo ibẹ̀?

Àlàyé tí àwọn ènìyàn sábà máa ń ṣe ni pé orúkọ Nàìjíríà ló kó bá wa. Wọ́n ní àwọn oníjìbìtì 419 ti ba ọ̀nà jẹ́ fún gbogbo wa, pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá òkè òkun kò fẹ́ rí lẹ́tà tó bá ti ọ̀dọ̀ wa wá. N kò ní sọ pé orúkọ náà kò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ronú sí i díẹ̀. Oníṣòwò kan náà, láti Maryland kan náà, lórí ẹ̀rọ kan náà, ń fi Gmail ọ̀fẹ́ kọ lẹ́tà ní ọdún tó kọjá, lẹ́tà rẹ̀ sì ń dé. Ó san owó fún àdírẹ́sì tuntun, lẹ́tà kò dé mọ́. Nàìjíríà kọ́ ló yí padà láàárín ìgbà méjèèjì. Èrò tèmi ni pé iṣẹ́ tí a san owó rẹ̀ tí wọn kò parí ni. Ẹni tó ra orúkọ náà fún ilé-iṣẹ́ ṣí ilẹ̀kùn kí lẹ́tà lè wọlé, kò sì fi ẹ̀rí kankan lé lẹ́tà tó ń jáde lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan tí mo mọ̀ dáadáa. Àlàájà kan ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní òpópónà ẹ̀yìn Maryland, níbi tí wọ́n ti ń ṣe páálí ìdìrajà. Àwọn tó ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe bisikíìtì, ọṣẹ àti oògùn ní agbègbè Ìkẹjà sí Agége. Ó gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ṣe ojú-òpó ayélujára fún un, kí ó sì fi ímeèlì tó dára kún un. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ra dòméènì, ìyẹn orúkọ tí ilé-iṣẹ́ yóò máa jẹ́ lórí ayélujára. Ó gbé ojú-òpó náà lé orí sáfà ilé-iṣẹ́ kan tó ń fi àyè háyà, ó sì gbé ímeèlì lọ sọ́dọ̀ Google Workspace. Ó fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ wọlé láti fi dán an wò, lẹ́tà náà dé, ó gba owó rẹ̀, ó lọ.

Ní oṣù kejì, Àlàájà fi ìwé ìdíyelé páálí ẹgbẹ̀rún méjìlá ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ bisikíìtì kan lápá Agége. Kò gbọ́ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó pe ọ̀gá tó ń bójú tó ọjà rírà níbẹ̀. Ọ̀gá náà dáhùn pé, “Ẹ má bínú, Mà, a ò rí ìwé kankan láti ọ̀dọ̀ yín, a ti gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn.” Wọ́n jọ wá a lórí fóònù, wọ́n sì bá a nínú àpótí Spam, ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní.

Kí a tó dé ibi àtúnṣe, ó yẹ kí a mọ ohun tí ẹ̀rọ tó gba lẹ́tà náà ń fura sí. Ìlànà tí ímeèlì fi ń rìn, tí wọ́n ń pè ní SMTP, ti wà láti ọdún 1982, nígbà tí àwọn tó ń lo ayélujára kò pọ̀ tí wọ́n sì fọkàn tán ara wọn. Ìlànà yẹn kò béèrè ẹ̀rí ẹni tó fi lẹ́tà ránṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni ṣe lè kọ orúkọ gómìnà sẹ́yìn àpò-ìwé kí ó sì jù ú sínú àpótí ilé ìfìwéránṣẹ́, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹnikẹ́ni ṣe lè kọ dòméènì Àlàájà sójú ímeèlì. Ẹni tó ń lo Gmail ọ̀fẹ́ kò ní láti mọ èyí, nítorí Google fúnra rẹ̀ ló ń jẹ́rìí sí lẹ́tà tó bá jáde pẹ̀lú gmail.com. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ bá ra orúkọ tiyín ni iṣẹ́ ìjẹ́rìí náà di tiyín.

Inú DNS ni a ti ń jẹ́rìí yìí. DNS ni ìwé ìta-gbangba tí gbogbo ẹ̀rọ ayélujára máa ń yẹ̀ wò láti mọ ohun tí ó jẹ́ ti dòméènì kan. Àkọsílẹ̀ tí ń jẹ́ MX nínú rẹ̀ ń sọ ibi tí lẹ́tà tó ń bọ̀ yóò gbà wọlé. Èyí nìkan ni ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ṣe bó ṣe yẹ, ìdí nìyẹn tí Àlàájà fi ń rí lẹ́tà gbà tí ó sì rò pé ohun gbogbo ti pé. Lẹ́tà tó ń jáde ní àkọsílẹ̀ mẹ́ta tirẹ̀: SPF, DKIM àti DMARC. Láti oṣù kejì ọdún 2024 ni Google àti Yahoo ti ń béèrè fún wọn gbọnin-gbọnin. Ẹni tó bá ń fi lẹ́tà tó tó 5,000 ránṣẹ́ sí Gmail lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹni tí tirẹ̀ kò sì tó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní SPF tàbí DKIM, ó kéré tán. Microsoft náà tẹ̀ lé wọn ní oṣù karùn-ún ọdún 2025 fún àwọn tó ń fi lẹ́tà púpọ̀ ránṣẹ́ sí Outlook.

Arákùnrin kan tó mọ iṣẹ́ yìí, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní ọjà kọ̀ǹpútà Ìkẹjà, ló bá Àlàájà yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì jókòó tì wọ́n. Kò fọwọ́ kan ohunkóhun ná. Ó ní kí Àlàájà fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí Gmail tirẹ̀, ó ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ó tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì yan `Show original`. Ojú ewé gígùn kan yọ. Ìlà méjì tó ṣe pàtàkì nínú rẹ̀ nìyí, a gé wọn kúrú, a sì fi example.com rọ́pò orúkọ ilé-iṣẹ́ náà:

```
dkim=pass header.i=@example-com.20230601.gappssmtp.com
spf=permerror smtp.mailfrom=sales@example.com
```

Ẹ wo ìlà kejì ná. SPF ni àkọsílẹ̀ tó ń ka àwọn sáfà tó láṣẹ láti fi lẹ́tà ránṣẹ́ lórúkọ dòméènì yín. `permerror` túmọ̀ sí pé ẹni tó fẹ́ kà á kò rí i kà rárá. Nígbà tí arákùnrin náà ṣí DNS, ohun tó bá níbẹ̀ nìyí:

```
v=spf1 include:_spf.google.com ~all
v=spf1 a mx ip4:192.0.2.25 ~all
```

Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ ti Google. Èkejì jẹ́ èyí tí ilé-iṣẹ́ tó gbé ojú-òpó wọn lérí fi síbẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n ṣí àyè náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló tọ̀nà bí ó bá dá wà. Ṣùgbọ́n òfin SPF ni pé dòméènì kan kò gbọ́dọ̀ ní ju ẹyọ kan ṣoṣo lọ. Bí wọ́n bá ti di méjì, ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kò ní yan ọ̀kan, kò sì ní pa wọ́n pọ̀. Yóò pa méjèèjì tì ni, bí adájọ́ tí wọ́n gbé ìwé ìhágún méjì wá síwájú rẹ̀ láti ọwọ́ olóògbé kan náà. Àṣìṣe yìí ni mo rò pé ó wọ́pọ̀ jù lọ láàárín àwọn ilé-iṣẹ́ kékeré, nítorí ibi méjì ni wọ́n sábà máa ń gbà: ojú-òpó níhìn-ín, ímeèlì lọ́hùn-ún.

Wọ́n pa wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan:

```
v=spf1 include:_spf.google.com ip4:192.0.2.25 ~all
```

Mo bi í léèrè ohun tí `~all` tó gbẹ̀yìn ń ṣe. Ó ní òun ló ń sọ fún ayé pé kí wọ́n fura sí sáfà yòówù tí a kò dárúkọ. Bí a bá kọ `-all`, kí wọ́n kọ̀ ọ́ pátápátá ni. Bí ó bá jẹ́ `+all` ni ẹ rí nínú tiyín, ẹ pariwo, nítorí ó ti fún gbogbo ayé láṣẹ láti máa kọ lẹ́tà lórúkọ yín.

Ìlà àkọ́kọ́ ló yà mí lẹ́nu jù, nítorí `pass` ló wà níbẹ̀. DKIM ni òǹtẹ̀. Sáfà tó fi lẹ́tà ránṣẹ́ ń fi kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ lu òǹtẹ̀ sára rẹ̀, ẹni tó gbà á sì ń lo kọ́kọ́rọ́ ìta-gbangba tó wà nínú DNS láti mọ̀ bóyá òǹtẹ̀ náà jẹ́ òótọ́ àti pé kò sí ẹni tó yí ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà padà lójú ọ̀nà. Òǹtẹ̀ ti Àlàájà jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ka orúkọ tó wà lára rẹ̀ dáadáa: gappssmtp.com ló parí sí. Google ló fi òǹtẹ̀ àjùmọ̀lò tirẹ̀ lù ú nítorí pé kò sí ẹni tó ṣe ti ilé-iṣẹ́ náà fún un. Ó dà bí ìwé tí wọ́n kọ lórúkọ ilé-iṣẹ́ páálí ṣùgbọ́n tí òǹtẹ̀ onílé tí wọ́n háyà wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó kàn wo `pass` yóò lọ sùn.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Nínú ojú ewé alábòójútó Google Workspace, lábẹ́ ètò Gmail, ibi kan wà tí wọ́n ti ń ṣe kọ́kọ́rọ́ náà. Wọ́n yan èyí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 2048, wọ́n da ọ̀rọ̀ gígùn tí Google fún wọn kọ sínú DNS gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ TXT tó ń jẹ́ `google._domainkey`, wọ́n padà, wọ́n sì tẹ `Start authentication`. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé ìtẹ̀ ìkẹyìn yìí. Nǹkan méjì ni arákùnrin náà ní ó máa ń bà á jẹ́. Àkọ́kọ́, àwọn ojú ewé DNS kan máa ń fi dòméènì kún orúkọ tí ẹ bá kọ, tí yóò fi di `google._domainkey.example.com.example.com`, kò sì sí ẹni tí yóò rí i níbẹ̀. Èkejì, ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ náà gùn ju lẹ́tà 255 lọ, àwọn ojú ewé mìíràn sì ń gé ìdí rẹ̀ láìsọ fún yín. Ẹ fi ìparí ohun tó wà nínú DNS wé ìparí ohun tí Google fún yín.

Ó kù DMARC, òun ló so ìyókù mọ́ ẹni tí oníbàárà ń rí. Ó ń béèrè pé kí orúkọ tí SPF tàbí DKIM jẹ́rìí sí bá orúkọ tó wà níwájú lẹ́tà mu, ó sì ń sọ ohun tí kí wọ́n ṣe sí lẹ́tà tí kò bá bá a mu. Èyí tí Àlàájà fi bẹ̀rẹ̀ nìyí, lábẹ́ orúkọ `_dmarc`:

```
v=DMARC1; p=none; rua=mailto:dmarc@example.com
```

`p=none` túmọ̀ sí pé kí wọ́n má tíì fìyà jẹ lẹ́tà kankan, kí wọ́n kàn máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tó wà ní ìparí. Àwọn kan ń fi ìkánjú kọ `p=reject` lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí Àlàájà bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìwé owó ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ì bá ti máa sọnù. Ìròyìn ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló fi hàn pé ojú-òpó rẹ̀ ń dá ìwé owó àti èsì ìbéèrè kọ sí àwọn oníbàárà, tó ń gba orí sáfà tí wọ́n háyà, láìsí òǹtẹ̀ kankan, pẹ̀lú orúkọ sáfà náà lẹ́yìn lẹ́tà. Kò sí ẹni tó rántí pé ojú-òpó náà ń kọ lẹ́tà.

Wọ́n ṣètò ojú-òpó náà kí ó máa gba ọ̀dọ̀ Google kọjá bíi ti àwọn òṣìṣẹ́, nípasẹ̀ `smtp.gmail.com` ní ojú ọ̀nà 587, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìwọlé tí wọ́n ṣe fún un nìkan. Nígbà tí èyí parí, arákùnrin náà padà sí SPF, ó sì yọ nọ́ńbà sáfà háyà kúrò nínú rẹ̀. Mo rò pé àṣìsọ ni, torí òun fúnra rẹ̀ ló fi síbẹ̀. Ó ṣàlàyé pé sáfà àjùmọ̀lò ni, ọ̀pọ̀ ojú-òpó àjèjì ló wà lórí rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí nọ́ńbà náà bá wà nínú SPF, gbogbo àwọn ará ilé yẹn ló láṣẹ láti fi orúkọ Àlàájà kọ lẹ́tà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sì ń fi lẹ́tà jìbìtì ránṣẹ́, nọ́ńbà kan náà ni wọn yóò fi sínú ìwé àwọn ẹni ìfura, irú èyí tí àwọn àjọ bíi Spamhaus ń tọ́jú, ti Àlàájà yóò sì bá a lọ.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ orúkọ Nàìjíríà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan tún gbà wọlé, ṣùgbọ́n ní ọ̀nà mìíràn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé wọ́n ti mú ènìyàn 281 kárí ayé nínú ìwádìí tí wọ́n pè ní Operation reWired, 167 nínú wọn sì jẹ́ ní Nàìjíríà, níbi tí EFCC ti kópa. Ẹ̀sùn náà dá lórí jìbìtì ímeèlì ilé-iṣẹ́: kí ẹnì kan máa kọ lẹ́tà bí ẹni pé òun ni ẹni tí ẹ ń bá ṣòwò, kí ó sì ní kí ẹ san owó sí àkáǹtì mìíràn. Dòméènì tí kò ní DMARC rọrùn láti fi ṣe irú iṣẹ́ yìí. Oníbàárà Àlàájà ní Agége lè gba lẹ́tà tó ní àdírẹ́sì Àlàájà gan-an lójú, tó sọ pé báńkì ti yí padà. DMARC tó bá dé `p=reject` ń dí ọ̀nà náà pa lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀rọ tó ń bọ̀wọ̀ fún un. Kò lè dí ti ẹni tó ra orúkọ mìíràn tó jọ tiyín, tí lẹ́tà kan ṣoṣo fi yàtọ̀.

Bákan náà, àkọsílẹ̀ mẹ́ta yìí kì í ṣe oògùn fún ohun gbogbo. Wọ́n ń jẹ́rìí ẹni tó kọ lẹ́tà ni, wọn kì í jẹ́rìí pé lẹ́tà náà dára. Ilé-iṣẹ́ tó bá ra àdírẹ́sì ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á, tó sì ń fi ìpolówó ránṣẹ́ sí ẹni tí kò béèrè, yóò dé inú Spam pẹ̀lú òǹtẹ̀ rẹ̀ pípé. Google ní kí àwọn tó ń fi lẹ́tà púpọ̀ ránṣẹ́ má ṣe jẹ́ kí ẹjọ́ Spam tí àwọn ènìyàn ń fi kàn wọ́n tó 0.3%, ìyẹn ẹni mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún kan. Dòméènì tuntun sì dà bí àlejò ládùúgbò, wọn yóò máa ṣọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀. Àlàájà pe àwọn oníbàárà rẹ̀ ńlá lórí fóònù pé kí wọ́n ṣí lẹ́tà rẹ̀ nínú Spam, kí wọ́n tẹ `Not spam`, kí wọ́n sì fèsì. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, ìwé ìdíyelé rẹ̀ ti ń dé ibi tó yẹ. Ojú ewé `Show original` náà ti wá ń kọ SPF, DKIM àti DMARC sílẹ̀ pẹ̀lú `PASS` lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ló sì wà lẹ́yìn ti DKIM.

Gbogbo iṣẹ́ náà kò gbà ju wákàtí méjì lọ bí a bá yọ ìdúródè kúrò. DNS lè lo wákàtí díẹ̀, nígbà mìíràn títí dé wákàtí 48, kí àtúnṣe tó tàn kálẹ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ní owó tí àwọn oníṣòwò kékeré ń san kò tó fún iṣẹ́ pípé. Àwọn tó ń ṣe é ló ń jẹ àǹfààní pé ẹni tó gbé iṣẹ́ fún wọn kò mọ ohun tí yóò béèrè. Bí mo bá jẹ́ oníléeṣẹ́, n kò ní san àṣẹ́kù owó fún ẹnikẹ́ni tí kò bá ṣí `Show original` hàn mí pẹ̀lú `PASS` mẹ́ta àti orúkọ mi lára òǹtẹ̀ DKIM.

Èmi yóò sì béèrè ohun kan sí i, nítorí òun ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù: orúkọ ta ni wọ́n fi ra dòméènì náà? Àjọ NiRA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2005, ló ń bójú tó orúkọ tó parí sí .ng, ọwọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tí àjọ náà fún láṣẹ ni a sì ti ń rà á. Ẹni tí orúkọ àti ímeèlì rẹ̀ wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ni wọ́n mọ̀ sí olówó rẹ̀. Ti Àlàájà wà lórúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣe é, lórí Gmail tirẹ̀, ó sì ti jápá lọ sí Kánádà. Oríire ni pé ó ṣì ń gbé fóònù. Wọ́n gbé e sí orúkọ ilé-iṣẹ́, wọ́n sì yí ọ̀rọ̀ ìwọlé padà kí ọdún tó yípo tí wọn yóò tún san owó rẹ̀, torí dòméènì tí wọn kò bá sanwó rẹ̀ lásìkò ń gbé ímeèlì lọ pẹ̀lú ara rẹ̀.

Ní báyìí, `p=quarantine` ni DMARC wọn wà. Akọ̀wé ìṣirò-owó wọn ṣì ń lo sọ́fítíwìà kan tó ń fi ìwé owó oṣù ránṣẹ́ láìgba ọ̀dọ̀ Google. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣètò ìyẹn tán ni wọn yóò sún un sí `p=reject`.